Bí A Ṣe Ń Ka Ṣáàtì Líìdì Táìmù àti Sáíkù Táìmù Láti Mọ Ibi Tí Iṣẹ́ Ti Ń Dúró Pẹ́ Jù

Ìbéèrè tí àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ sọ́fítíwíà máa ń bi mí jù ni èyí: ṣáàtì ti fi hàn wá pé iṣẹ́ kan ń gbà tó ọjọ́ 15 kí ó tó parí, ṣùgbọ́n ibo gan-an ni ọjọ́ wọ̀nyẹn ń lọ? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé àpapọ̀ ọjọ́ nìkan ni ṣáàtì tí ẹ kọ́kọ́ rí ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró ní láti tú àpapọ̀ náà palẹ̀ ní kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ó wo àwọn iṣẹ́ tí kò tíì parí, èyí tí ṣáàtì náà kò kà rárá. Bí a ṣe ń ṣe méjèèjì ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ ènìyàn méje kan ní Ìbàdàn ń ṣe áàpù àjọ. Mẹ́rin nínú wọn ń kọ kóòdù, ẹnì kan ń dán iṣẹ́ wò, ẹnì kan ń ya ojú áàpù náà, ẹnì kan sì ń ṣètò ohun tí wọ́n máa ṣe. Jira ni wọ́n fi ń tọ́jú bọ́ọ̀dù wọn, níbi tí káàdì kọ̀ọ̀kan ti dúró fún iṣẹ́ kan, kọ́lọ́ọ̀mù tó sì wà lórí rẹ̀ ni `Selected for Development`, `In Progress`, `In Review`, `In Test`, `Ready for Release` àti `Done`. Mo ṣètò àwọn nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ náà kí ìṣirò wọn lè rọrùn láti tẹ̀ lé.

## Aago méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀

Líìdì táìmù ni àkókò tó kọjá láti ìgbà tí ẹnì kan ti béèrè iṣẹ́ títí di ìgbà tí iṣẹ́ náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Sáíkù táìmù ni àkókò tó kọjá láti ìgbà tí ẹgbẹ́ yín ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà títí di ìgbà tó parí. Inú líìdì táìmù ni sáíkù táìmù wà, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni àkókò tí iṣẹ́ fi jókòó kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni ìbẹ̀rẹ̀ aago àkọ́kọ́. Nínú Azure DevOps, irinṣẹ́ mìíràn tó jọ Jira, fún àpẹẹrẹ, ọjọ́ tí wọ́n dá káàdì sílẹ̀ ni ṣáàtì `Lead Time` ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí ẹnì kan bá kọ èrò kan sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tí kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí fún oníbàárà kankan pé a ó ṣe é, oṣù mẹ́fà náà yóò wọ inú líìdì táìmù bí ẹ bá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí. Èyí kì í ṣe ìdúró ní ìtumọ̀ tí a ń wá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka líìdì táìmù láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ gbà pé òun yóò ṣe iṣẹ́ náà. Lórí bọ́ọ̀dù àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ tí káàdì wọ `Selected for Development` ni.

Ẹ wo ohun tí ìpinnu yìí ń yí padà. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn yìí parí iṣẹ́ 30 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n dá káàdì sílẹ̀, ìpíndọ́gba líìdì táìmù jẹ́ ọjọ́ 34. Ọjọ́ 13 nínú rẹ̀ ni káàdì fi wà gẹ́gẹ́ bí èrò lásán, ọjọ́ 6 ló fi wà ní `Selected for Development`, ọjọ́ 15 tó kù sì ni sáíkù táìmù. Líìdì táìmù tó yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ lé lórí nígbà náà jẹ́ ọjọ́ 21. Ẹni tó bá gbé ọjọ́ 34 lọ sí ìpàdé yóò fi wákàtí kan jiyàn lórí àwọn èrò tí ẹnikẹ́ni kò dúró dè.

## Kí ẹ tó ṣí ṣáàtì

Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ bọ́ọ̀dù yín wò. Bí èyíkéyìí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gba ohun tí ṣáàtì sọ gbọ́.

- Ètò kọ́lọ́ọ̀mù kò yí padà láàárín àkókò tí ẹ fẹ́ kà. Bí ẹ bá yọ kọ́lọ́ọ̀mù kan tàbí fi òmíràn kún un ní oṣù tó kọjá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọjọ́ ìyípadà náà.
- Iṣẹ́ tó ti parí tó 20, ó sì sàn bí ó bá tó 30. Àmì márùn-ún tàbí mẹ́fà kò lè fi ìrísí kankan hàn.
- Ọjọ́ tí iṣẹ́ rìn gan-an ni káàdì rẹ̀ ń rìn. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ẹ máa ń fa gbogbo káàdì lọ sí ibi tó yẹ, ìwà ọjọ́ Jímọ̀ yín ni ṣáàtì yóò máa wọ̀n.
- Ẹ ti fẹnu kò lórí bóyá ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni ẹ ó kà tàbí ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni mo fara mọ́, nítorí pé oníbàárà ń dúró ní Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ lò ó fún gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ìrísí àwọn àmì kí ẹ tó ka ìlà

Ẹ lọ sí `Reports`, kí ẹ sì ṣí `Control Chart`. Àmì róbótó kọ̀ọ̀kan dúró fún káàdì kan, tàbí fún káàdì mélòó kan tó papọ̀ sójú kan. Ibi tí àmì náà wà láti òsì sí ọ̀tún ń sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà kúrò ní àwọn kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ yàn. Bí ó ti ga tó ń sọ iye ọjọ́ tó lò níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ òsì, nítorí pé àlàfo àárín wọn lè má dọ́gba: àmì tó dà bíi pé ó fi díẹ̀ ga ju òmíràn lọ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì jù ú. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe gíga tí ojú rí.

Ìrísí mẹ́rin ló yẹ kí ẹ wá:

1. Àmì tó tò sórí ara wọn bí òpó ní ọjọ́ kan náà. Iṣẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ń parí lọ́jọ́ kan náà. Ó lè jẹ́ pé ẹ ń kó iṣẹ́ jọ kí ẹ tó gbé e jáde, a jẹ́ pé ìdúró wà ní ẹnu ọ̀nà ìgbéjáde, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ló fa gbogbo káàdì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó pinnu.
2. Àmì tó ń gòkè láti òsì sí ọ̀tún. Iṣẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, ìlà ìdúró kan sì ń gùn sí i níbì kan. Ṣáàtì yìí kò tíì lè sọ ibẹ̀.
3. Àmì tó pín sí ìpele méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Irú iṣẹ́ méjì ló pa pọ̀, bí àpẹẹrẹ, àtúnṣe àṣìṣe kéékèèké àti iṣẹ́ tuntun ńlá. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nípa sísẹ́ wọn ní oríṣi, kí ẹ sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.
4. Àyè òfìfo tí àwọn àmì gíga tẹ̀ lé. Nǹkan kan dí gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tú sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ lè wá wo ìlà. Ìlà pupa nínú Jira ni ìpíndọ́gba gbogbo àmì. Ìlà búlúù ni ìpíndọ́gba tó ń rìn, tí wọ́n ń ṣírò láti ara àwọn káàdì tó yí àmì kọ̀ọ̀kan ká: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo káàdì tó wà lórí ṣáàtì, tí kò sì ní í dín sí márùn-ún. Bí káàdì yín bá kéré, káàdì kan tó pẹ́ lè gbé ìlà búlúù yìí sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú iṣẹ́ yín.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tú àpapọ̀ náà palẹ̀ ní kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo ṣáàtì yìí kò mọ̀ pé ó lè ka kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ èyí gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè wọn.

1. Ẹ ṣí `Refine report`, kí ẹ sì wá apá tí wọ́n pè ní `Columns`.
2. Ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù, ẹ fi `Selected for Development` nìkan sílẹ̀. Àwọn àmì tó máa jáde nísinsìnyí jẹ́ ti àkókò tí káàdì lò nínú kọ́lọ́ọ̀mù yẹn nìkan.
3. Ẹ kọ ìpíndọ́gba rẹ̀ sílẹ̀.
4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kọ́lọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e, títí ẹ ó fi dé `Ready for Release`.
5. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi wé ìpíndọ́gba tí ẹ rí nígbà tí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀.

Àpapọ̀ náà lè má bára mu rẹ́gí, nítorí pé káàdì tó ti kúrò ní `In Review` ṣùgbọ́n tí kò tíì dé `Done` máa hàn nínú ìṣirò `In Review`, kò sì ní í hàn nínú ìṣirò gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù lápapọ̀. Ìyàtọ̀ díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, ẹ padà lọ wo bóyá káàdì ń fo kọ́lọ́ọ̀mù. Ẹ tún mọ̀ pé bí káàdì bá padà sẹ́yìn, tí olùdánwò dá a padà fún ẹni tó kọ kóòdù, Jira yóò ro àkókò ìgbà àkọ́kọ́ àti ti ìgbà kejì pọ̀ fún kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹgbẹ́ Ìbàdàn rí nìyí:

| Kọ́lọ́ọ̀mù | Ìpíndọ́gba ọjọ́ |
|---|---|
| `Selected for Development` | 6 |
| `In Progress` | 4 |
| `In Review` | 5.5 |
| `In Test` | 4.5 |
| `Ready for Release` | 1 |

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lo ìpíndọ́gba níbí ni pé ìpíndọ́gba kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣeé rò pọ̀ di ìpíndọ́gba gbogbo. Nọ́ńbà àárín, ìyẹn èyí tí ìdajì káàdì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ṣeé rò pọ̀ bẹ́ẹ̀, ààlà tí káàdì 85 nínú 100 kò kọjá náà kò sì ṣeé rò pọ̀. Àwọn méjèèjì yẹn wúlò nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣèlérí ọjọ́ fún oníbàárà. Fún ẹgbẹ́ yìí, ààlà 85 nínú 100 fún sáíkù táìmù jẹ́ ọjọ́ 26, a ó sì padà sí i ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ṣé `Selected for Development` ni ìdáhùn nígbà náà, torí pé ọjọ́ 6 ló pọ̀ jù nínú àtẹ náà? Ní ojú oníbàárà, ọjọ́ kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà kò tíì jẹ owó tàbí agbára ẹnikẹ́ni, ẹ sì lè dín ìdúró rẹ̀ kù lọ́jọ́ kan ṣoṣo nípa yíyan iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń dúró láàárín ọ̀nà ni mo máa ń bẹ̀rù. Ẹni tó kọ kóòdù náà ti ń gbàgbé ohun tó ní lọ́kàn, kóòdù àwọn ẹlòmíràn ń yí ayé padà lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì dá a padà fún àtúnṣe, iṣẹ́ ọjọ́ kan lè di ti ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ kọ `Selected for Development` sílẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí àárín.

Ní àárín, `In Review`, níbi tí ẹlẹgbẹ́ ẹni tó kọ kóòdù ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ló gùn jù. Gbogbo ẹgbẹ́ náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọ̀dọ̀ olùdánwò ni iṣẹ́ ń há sí, torí pé òun nìkan ló dojú kọ àwọn mẹ́rin tó ń kọ kóòdù. Ẹ má tíì dá ẹjọ́ náà. Ọjọ́ 5.5 àti ọjọ́ 4.5 kò jìnnà síra, a kò sì tíì mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ àti èyí tó jẹ́ ìdúró nínú wọn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya ìdúró sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn láago mẹ́jọ, tó sì kúrò ní ọ̀dọ̀ dókítà láago mọ́kànlá, lè ti lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré níwájú dókítà. Bí ìwé ilé ìwòsàn bá kọ wákàtí mẹ́ta náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí “àyẹ̀wò dókítà”, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé orí bẹ́ǹṣì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti lọ. Kọ́lọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ `In Review` ń ṣe ohun kan náà: káàdì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́wọ́, orúkọ kan náà sì bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Láti yà wọ́n, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ mú káàdì mẹ́wàá nínú àwọn tó parí láìpẹ́. Ẹ mú wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹ má ṣa àwọn tó pẹ́ jù nìkan.
2. Ẹ ṣí ìtàn ìrìn káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìgbà mẹ́ta sílẹ̀: ìgbà tó wọ `In Review`, ìgbà tí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tàbí fọwọ́ sí i, àti ìgbà tó jáde.
3. Láti ìgbà àkọ́kọ́ sí ìkejì ni ìdúró. Láti ìkejì sí ìkẹta ni iṣẹ́, pẹ̀lú ìlọ-síwá-sẹ́yìn tó bá wà nínú rẹ̀.
4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún `In Test`. Bí ìtàn káàdì kò bá fi ìgbà tí olùdánwò bẹ̀rẹ̀ hàn, ẹ bi í. Ó máa ń rántí.

Ẹgbẹ́ wa rí i pé nínú ọjọ́ 5.5 ti `In Review`, nǹkan bí ọjọ́ 4.5 jẹ́ ìdúró, iṣẹ́ gidi kò ju ọjọ́ kan lọ. Nínú ọjọ́ 4.5 ti `In Test`, ọjọ́ 2 péré ni ìdúró, ọjọ́ 2.5 sì jẹ́ iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó kéré ní ìgbésẹ̀ kejì ti wá hàn gbangba: káàdì ń dúró de olùyẹ̀wò kóòdù ju ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tó fi ń dúró de olùdánwò. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé èrò àkọ́kọ́, tí wọ́n gba olùdánwò kejì, ọjọ́ 2 ló pọ̀ jù tí wọ́n lè rí gbà padà nínú ìdúró, owó oṣù ẹnì kan sì ti wọ̀ ọ́.

Ẹ rántí pé ibi tí ìdúró ti hàn lè má jẹ́ ibi tí ohun tó fà á wà. Nígbà tí wọ́n béèrè ìdí tí àyẹ̀wò kóòdù fi ń pẹ́, ìdáhùn náà wà ní kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣáájú: bí ẹni kan bá ti parí kóòdù tirẹ̀, káàdì tuntun ló máa ń mú, kì í ṣe káàdì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dúró de àyẹ̀wò. Kò sí olùyẹ̀wò tó lọ́ra níbẹ̀. Iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń yára bẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ àkókò àyẹ̀wò.

Kí ẹ má bàa máa ṣí ìtàn káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà, ẹ pín kọ́lọ́ọ̀mù náà sí méjì lórí bọ́ọ̀dù: `Ready for Review` àti `In Review`. Òfin rẹ̀ ni pé káàdì kò gbọdọ̀ kúrò ní ti àkọ́kọ́ títí olùyẹ̀wò yóò fi bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ṣáàtì yóò máa wọn ìdúró náà fúnra rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo iṣẹ́ tí kò tíì parí

Káàdì tí kò tíì jáde kì í hàn gẹ́gẹ́ bí àmì. Èyí túmọ̀ sí pé káàdì tó há jù lọ nínú gbogbo bọ́ọ̀dù, èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí, ni ṣáàtì ń fi pa mọ́.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ bóyá irú káàdì bẹ́ẹ̀ wà ni òfin tí John Little gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní ọdún 1961: iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ jẹ́ iye iṣẹ́ tó ń parí lóòjọ́, ní ìlọ́po ọjọ́ tí iṣẹ́ kan ń gbà, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ìpíndọ́gba. Ẹgbẹ́ wa parí iṣẹ́ 30 láàárín ọjọ́ 56, sáíkù táìmù wọn sì jẹ́ ọjọ́ 15:

```
30 ÷ 56 × 15 ≈ 8
```

Ó yẹ kí káàdì bíi 8 wà láàárín `In Progress` àti `Ready for Release`. Wọ́n ka bọ́ọ̀dù, wọ́n bá 14. Wọ́n wá ṣe ìṣirò kan náà fún kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan:

| Kọ́lọ́ọ̀mù | Iye tó yẹ | Iye tó wà |
|---|---|---|
| `In Progress` | 2 | 3 |
| `In Review` | 3 | 4 |
| `In Test` | 2 sí 3 | 6 |
| `Ready for Release` | 1 tàbí òfo | 1 |

Káàdì kan tó lé níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún kò ní ìtumọ̀, nítorí pé ojú ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wé ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́fà dípò méjì sí mẹ́ta ni ó yẹ kí ó dá yín dúró. Wọ́n wo ọjọ́ orí àwọn káàdì mẹ́fà náà láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọjọ́ 28, 33, 37 àti 41. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kọjá ọjọ́ 26 tó jẹ́ ààlà 85 nínú 100. Káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń dúró de ohun kan náà: báǹkì kan tí áàpù náà fẹ́ bá ṣiṣẹ́ kò tíì fún wọn ní àṣẹ láti dán ìsanwó wò lórí sáfà rẹ̀. Olùdánwò kò lè ṣe ohunkóhun sí i.

Ìdáhùn wá di méjì, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń dúró de àbájáde. Nínú iṣẹ́ tó ń parí, ẹnu ọ̀nà àyẹ̀wò kóòdù ni ìdúró ti gùn jù. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ìdúró tó gùn jù wà lóde ẹgbẹ́ náà, ní báǹkì. Àtúnṣe ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù. Ti ìkejì nílò kí ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ lọ bá báǹkì, kí ẹgbẹ́ má sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsanwó kankan títí àṣẹ náà yóò fi jáde.

Ìkìlọ̀ kan: lọ́jọ́ tí báǹkì bá dáhùn, káàdì mẹ́rin náà yóò parí nígbà kan náà, àmì gíga mẹ́rin yóò yọ lórí ṣáàtì, ìlà búlúù yóò sì fò sókè. Ọ̀gá tó bá wo ṣáàtì lọ́sẹ̀ yẹn yóò rò pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀nà là. Ẹ sọ fún un ṣáájú.

Bí iye tó wà lórí bọ́ọ̀dù bá kéré gan-an sí iye tó yẹ, ẹ fura sí bí ẹ ṣe ń fa káàdì: ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí káàdì rẹ̀ tó rìn, tàbí kí káàdì ti parí ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́ nínú àkókò tí ẹ kà. Òfin Little kò sì ní í bára mu bí ẹgbẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, tàbí bí iṣẹ́ tó ń wọlé bá fi púpọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Nínú ipò bẹ́ẹ̀, àìbáramu náà fúnra rẹ̀ ni ìròyìn.

## Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé

Pípa káàdì tó pẹ́ rẹ́ kúrò nínú ìṣirò. Àwọn kan máa ń yọ àmì tó ga jù torí pé ó ń ba ìpíndọ́gba jẹ́. Ìdúró tí ẹ ń wá gan-an ló wà nínú káàdì yẹn. Ẹ yọ ọ́ bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni, bí àpẹẹrẹ káàdì tí ẹnì kan gbàgbé láti tì fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Fífi ṣáàtì dá ẹnì kan lẹ́jọ́. Gígùn kọ́lọ́ọ̀mù `In Test` kì í ṣe ìwọ̀n ìmẹ́lẹ́ olùdánwò, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Bí àwọn ènìyàn bá fura pé wọ́n ń fi káàdì ṣọ́ wọn, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa káàdì lọ síbi tí yóò dáàbò bò wọ́n, kò sì ní í sí ṣáàtì kankan tí ẹ lè gbà gbọ́ mọ́.

Kíka àkókò tó gùn jù. Ṣáàtì ọdún kan máa ń da ìwà àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá tó fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́.

Yíyí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún ibì kan ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ bí 20 gba ọ̀nà tuntun náà kọjá kí ẹ tó tún ṣáàtì kà, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

## Bí Jira kọ́ ni ẹ ń lò

Nínú Azure DevOps, ṣáàtì `Cycle Time` àti `Lead Time` kì í tú kọ́lọ́ọ̀mù palẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lo `Cumulative Flow Diagram`, níbi tí kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí àwọ̀ kan ṣe nípọn tó láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ kan ni iye káàdì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó ṣe fẹ̀ tó láti òsì sí ọ̀tún sún mọ́ ìpíndọ́gba ọjọ́ tí káàdì ń lò níbẹ̀. Àwọ̀ tó ń nípọn sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ibi tí ìlà ti ń gùn.

Bí bọ́ọ̀dù yín bá wà lára ògiri, Google Sheets tó. Ẹ fi orúkọ káàdì sí A, ọjọ́ tí ẹ yàn án sí B, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí C, ọjọ́ tó wọ àyẹ̀wò kóòdù sí D, ọjọ́ tó wọ ìdánwò sí E, ọjọ́ tó ṣetán fún ìgbéjáde sí F, ọjọ́ tó parí sí G. Fún káàdì tó ti parí, ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí ni sáíkù táìmù, ìkejì sì ni àkókò rẹ̀ nínú àyẹ̀wò kóòdù. Ẹ fi wọ́n sí H àti I:

```
=G2-C2
=E2-D2
```

Ẹ lè ṣe irú èyí fún àwọn tó kù. Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí lọ́jọ́ kan náà jẹ́ ọjọ́ 1 dípò òfo, ẹ fi 1 kún àpapọ̀ nìkan. Bí ẹ bá fi 1 kún kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn yóò ju sáíkù táìmù lọ. Ìpíndọ́gba àti ààlà 85 nínú 100 fún káàdì 30 nìyí:

```
=AVERAGE(I2:I31)
=PERCENTILE(H2:H31,0.85)
```

Ẹ kó káàdì tí kò tíì parí sí ojú ewé ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi èyí ka ọjọ́ orí wọn:

```
=IF(AND(C2<>"",G2=""),TODAY()-C2,"")
```

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, ẹ to ojú ewé náà kí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù wà lókè, ẹ fi wé ààlà 85 nínú 100, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tàbí ohun tí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ń dúró dè sí ẹ̀gbẹ́ wọn.